Ife sóyà, ife ẹ̀pà, ife màlúù: purotéènì mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin kò lè mu mílíìkì màlúù, inú rẹ̀ máa ń rú. Mo wá ń fi ife sóyà kan àti lítà omi méjì ṣe mílíìkì fún un. Aládùúgbò mi ní kí n fi ẹ̀pà ṣe é dípò sóyà, pé ti ẹ̀pà ló funfun, òun ló sì ki jù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń mu ti màlúù ní tirẹ̀, àpò kékeré kan ni mo máa ń pò sínú omi fún un. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ife èwo ni purotéènì rẹ̀ pọ̀ jù? (Màmá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Bí a bá mú ife kan tó gba mìlílítà 250, tí a sì bu mílíìkì màlúù tí ẹnikẹ́ni kò bomi là kún un, purotéènì inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi giráàmù 8. Ife mílíìkì sóyà tiyín, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ẹ kọ yìí, yóò ní nǹkan bíi giráàmù 6 àbọ̀. Ti ẹ̀pà, bí ẹ bá fi ife ẹ̀pà kan àti lítà omi méjì kan náà ṣe é, yóò wà láàárín giráàmù 3 sí 3 àbọ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ti sóyà. Àmọ́ ife tí ẹ ń pò fún ẹ̀gbọ́n láti inú àpò kékeré kì í ṣe ife mílíìkì màlúù tí mo wí yẹn rárá, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí àbúrò tó ń mu sóyà máa rí purotéènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ife kan.

(“Mílíìkì” ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ, n kò kọ “wàrà”, nítorí pé bí mo bá sọ “wàrà sóyà” fún ará Ìlọrin, èyí tí wọ́n dì, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì dín nínú òróró ni yóò wá sí i lọ́kàn. Èyí tí à ń mu nìkan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.)

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí mo ṣe dé orí giráàmù 6 àbọ̀, kí ẹ lè máa ṣe ìṣirò náà fúnra yín nígbàkigbà tí ẹ bá yí òṣùwọ̀n yín padà. Ife kan tó gba mìlílítà 250, tí a bu sóyà gbígbẹ kún, tí a sì fi ọwọ́ gé ojú rẹ̀ dọ́gba, yóò wọn nǹkan bíi giráàmù 190. Nínú gbogbo giráàmù 100 sóyà gbígbẹ, nǹkan bíi giráàmù 36 ló jẹ́ purotéènì, nítorí náà ohun tí ẹ kó sínú bíléńdà jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 68. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa bá omi jáde. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa, tí ẹ sì fún un títí tí ọwọ́ yín fi ro, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 yóò bọ́ sínú mílíìkì, ìyókù yóò wà nínú èèrí tó kù sínú asẹ́. Ìyẹn ni pé giráàmù 48 ló wọ inú ìkòkò. Lẹ́yìn tí iná bá ti fa díẹ̀ nínú omi náà gbẹ, ẹ ó rí nǹkan bíi lítà 1.8, tí í ṣe ife méje. Ẹ pín 48 sí ọ̀nà méje, ẹ ó bá giráàmù 6 àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú nínú ìṣirò yìí ni pé sóyà kò ní iye purotéènì kan pàtó “nínú ife”. Omi ló ń pinnu rẹ̀. Màlúù ti fi omi tirẹ̀ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, purotéènì rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí giráàmù 3 sí 3 àbọ̀ nínú mìlílítà 100, àfi bí ẹni tó ń tà á bá tún fi omi kún un. Ní ti sóyà àti ẹ̀pà, ẹni tó dúró ti bíléńdà ni màlúù. Bí ẹnì kan bá fi ife sóyà kan náà ṣe lítà mẹ́rin nítorí títà, ife kan rẹ̀ yóò wá sí nǹkan bíi giráàmù 3 àti díẹ̀, bó ti wù kí ó fi ṣúgà àti fàńílà sí i tó. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé sóyà àti màlúù “dọ́gba” láì kọ́kọ́ béèrè iye omi.

Nísinsìnyí, ẹ̀pà. Aládùúgbò yín kò parọ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mílíìkì ẹ̀pà máa ń funfun, ó sì máa ń ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe purotéènì. Nínú giráàmù 100 ẹ̀pà, òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, nígbà tí ti sóyà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Nígbà tí bíléńdà bá ti fọ́ òróró náà sí wẹ́wẹ́ tó sì tú u ká inú omi, àwọn ẹ̀kán rẹ̀ tíntìntín á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, ojú á rí i ní funfun, ẹnu á sì gbọ́ ọ ní kíki. Nítorí náà, ojú kò lè fi kíki mílíìkì wọn purotéènì. Ẹni tó bá ń wá okun fún ọmọ tó rù yóò rí i nínú òróró yẹn, n kò ní kóyán rẹ̀ kéré, àmọ́ purotéènì lẹ béèrè.

Ohun méjì ló fa ẹ̀pà sẹ́yìn. Àkọ́kọ́, ife ẹ̀pà fúyẹ́ ju ife sóyà lọ, nítorí pé hóró rẹ̀ tóbi, àyè sì máa ń ṣẹ́ kù láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ife kan náà tó gba giráàmù 190 sóyà kò ní gbà ju nǹkan bíi giráàmù 150 ẹ̀pà lọ. Ìkejì, purotéènì inú ẹ̀pà kò tó ti inú sóyà: nǹkan bíi giráàmù 26 ló wà nínú giráàmù 100. Ẹ fi 150 bá a lò, ẹ ó rí giráàmù 39. Bí a bá wá gbà pé ìdá 60 nínú 100 bọ́ sínú omi, giráàmù 23 ni a ó pín sí ife méje. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é sì tún ń dín in kù sí i: wọ́n á yan ẹ̀pà náà títí yóò fi pọ́n kí ó lè dùn. Iná tó dùn mọ́ ẹnu yìí máa ń mú kí purotéènì ẹ̀pà le, kó má fẹ́ yọ́ sínú omi mọ́, kó sì jókòó sínú èèrí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe mílíìkì ẹ̀pà, ẹ rẹ ẹ̀pà gbígbẹ tí ẹ kò yan, ẹ da omi gbígbóná lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èèpo pupa lè ṣí, ẹ bó o, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Kò ní ta sánsán bíi ti ẹ̀pà yíyan, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wá yóò wà nínú ife. Kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ fi ojú ṣà á. Èyí tó bá rún, tó ti bu, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe fún adìẹ, nítorí májèlé tí ebu ń fi sínú ẹ̀pà, tí wọ́n ń pè ní afilatókísíìnì, kì í kú sínú omi híhó.

Kí n tó padà sí sóyà, ẹ jẹ́ ká wo ife ẹ̀gbọ́n. Mílíìkì màlúù oníyẹ̀fun tí wọ́n kò yọ ọ̀rá rẹ̀ máa ń ní nǹkan bíi giráàmù 26 purotéènì nínú giráàmù 100 ìyẹ̀fun. Kí ife omi kan tó padà di ohun tó jọ mílíìkì bó ṣe ti ara màlúù wá tààrà, ó yẹ kí ẹ pò nǹkan bíi giráàmù 30 ìyẹ̀fun sínú rẹ̀. Ẹ yí àpò kékeré yẹn padà, kí ẹ ka iye giráàmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ giráàmù 14, purotéènì inú ife náà jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 3 àbọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti sóyà tí wọ́n fi omi pò ní ìlọ́po méjì lọ. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ nípa èròjà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n dárúkọ òróró ẹ̀fọ́ tàbí òróró èkùrọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù, wọ́n sì fi òróró mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ lè kéré sí 26 tí mo wí, iye tí wọ́n bá kọ sí ara àpò náà gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Iye giráàmù nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ purotéènì. Ara kì í lo purotéènì bó ṣe wà. Ó máa ń tú u palẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké, kó tó wá fi àwọn ẹyọ náà mọ ẹran ara tirẹ̀, bí ẹni tó tú ilé àtijọ́ kó lè fi bíríkì rẹ̀ kọ́ tuntun. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ẹyọ wọ̀nyí ni ara kò lè dá ṣe, inú oúnjẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wá, èyí tó bá sì wọ́n jù nínú wọn ni yóò dá iṣẹ́ dúró. Nínú ẹ̀pà, ẹyọ tí wọ́n ń pè ní láísíìnì ló wọ́n. Ní ọ̀nà tí àjọ FAO àti WHO fi lélẹ̀ láti díwọ̀n bí purotéènì ṣe wúlò tó, bí ti màlúù bá gba 100, sóyà máa ń gba nǹkan bíi 90, ẹ̀pà á sì wà ní nǹkan bíi 50. Ẹ rí i pé àlàfo náà tún fẹ̀ sí i: giráàmù 3 tó wà nínú ife ẹ̀pà, tí ọmọ kò bá jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kò ní ṣiṣẹ́ ju giráàmù 1 àbọ̀ lọ.

Ọmọ wa kì í sábà mu mílíìkì lásán, ẹ̀kọ tàbí ògì ló máa ń bá a lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ láísíìnì ti ṣe pàtàkì jù. Àgbàdo náà kò ní láísíìnì tó. Bí ẹ bá da mílíìkì ẹ̀pà sínú ògì, ẹ ti mú aláìní méjì jọ tí ohun kan náà ń wọ́n, ọ̀kan kò lè yá èkejì. Sóyà ní láísíìnì lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun tó wọ́n nínú rẹ̀ ni ẹyọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní mẹ́tíónìnì, èyí tí àgbàdo sì ní díẹ̀ láti fi ràn án lọ́wọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì ní ìlú Èkó ṣe pò sóyà mọ́ ògì láti ọjọ́ pípẹ́ wá fún oúnjẹ ọmọdé, tí wọn kò mú ẹ̀pà nìkan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin wà nínú oúnjẹ ọmọ yín lójoojúmọ́, àìtó láísíìnì inú ẹ̀pà kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí pé àwọn yẹn á dí àlàfo náà.

Ibi tí sóyà ti lè já yín kulẹ̀ ni ìdáná. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tó máa ń so ọwọ́ tírípísíìnì, ìyẹn ohun tó ń tú purotéènì palẹ̀ nínú ìfun. Bí sóyà kò bá jinná tó, purotéènì lè wà nínú ife ní pípé, kí ara má sì rí i lò, kí inú ọmọ sì tún wú. Iná ló ń pa ohun náà, àmọ́ mílíìkì sóyà máa ń tan ènìyàn jẹ lórí iná: kó tó hó rárá, ìfófòó yóò ti ru dé ẹnu ìkòkò, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ó ti hó, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ìrú yìí máa ń wáyé nígbà tí omi náà ṣì kù díẹ̀ kó hó. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó títí ìfófòó náà yóò fi wálẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wá hó gan-an, pẹ̀lú ìhó tó ń yọ láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù, tó sì ń korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, mo máa ń gbà pé kò tíì tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn nìkan kò tó ẹ̀rí, aago ló tó o.

Ọ̀pọ̀ ìyá, nítorí òórùn yẹn, máa ń se hóró sóyà fún wákàtí kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó ń pa òórùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n purotéènì á ti dì mọ́ inú hóró bí ẹyin tó jinná, èèrí á sì pọ̀ nínú asẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń rẹ sóyà mọ́jú, mo á da omi rẹ̀ nù, mo á kó o sínú omi tó ti ń hó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú márùn-ún, mo á sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná. Nínú lítà méjì yín, ẹ fi lítà kan àbọ̀ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìdajì lítà tó kù fọ èèrí, kí ẹ tún un fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi kejì yẹn kì í ki, ṣùgbọ́n ó ń kó purotéènì tí ẹ ì bá dà nù. Èèrí tó kù náà kì í ṣe ti ewúrẹ́ nìkan. Nǹkan bíi giráàmù 20 purotéènì ló ṣì wà nínú rẹ̀ láti inú ife sóyà kan, ẹ lè pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fún mọ́ín-mọ́ín tó máa jinná dénú.

Ẹ lè fẹ́ mọ bí èyí tí wọ́n ń tà nínú ike lójú ọ̀nà ṣe rí sí tiyín. Kò sí bí a ṣe lè ka giráàmù purotéènì nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹ bu ife kan nínú tiyín àti ife kan nínú tiwọn, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ká iná títí yóò fi hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún òróǹbó wẹ́wẹ́ ní ṣíbí méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò dì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fún omi wọn kúrò dọ́gba, kí ẹ wá gbé ìdì méjèèjì lé òṣùwọ̀n. Èyí tí ìdì rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì tiyín, purotéènì rẹ̀ kò ní jìnnà sí ìdajì. Sóyà ni kí ẹ fi wé sóyà o, ẹ má fi wé ẹ̀pà, nítorí pé òróró ẹ̀pà á wà nínú ìdì rẹ̀, á sì mú kó wúwo láì nídìí. Bí ẹ bá sì fura pé ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi mú kó ki, ẹ kán áyódíìnì tí à ń fi pa ojú ọgbẹ́ sínú ṣíbí kan rẹ̀, kí ẹ sì da ṣíbí náà nù lẹ́yìn náà. Sóyà tó ti gbó kò ní sítáàṣì tó nǹkan, nítorí náà bí mílíìkì náà bá di búlúù dúdú, wọ́n ti fi nǹkan mìíràn sí i.

Ìlànà ìjẹun tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fi giráàmù 19 purotéènì lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ife méjì nínú mílíìkì sóyà yín, bó ṣe wà báyìí, á fún ọmọ yín ní giráàmù 13, èyí tó ju ìdajì lọ dáadáa kí a tó ka ẹ̀wà tàbí ẹyin. Ohun kan tí sóyà àfiṣelé kò lè bá màlúù dọ́gba nínú rẹ̀ ni káṣíọ̀mù, nítorí náà ẹ máa fi edé, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ t'eegun t'eegun, bíi sàwá, sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan bá sì wà nílé, kò sí èyí tó lè rọ́pò ọmú ìyá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan ti màlúù.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ife sóyà yín bá ti màlúù dọ́gba, ẹ má fi kún sóyà, ẹ dín omi kù. Ẹ fi ife sóyà kan yẹn àti lítà 1.6 ṣe é. Ẹ ó rí nǹkan bíi lítà 1.4, ìyẹn ife márùn-ún àbọ̀, purotéènì ife kọ̀ọ̀kan á sì wà ní nǹkan bíi giráàmù 8 àbọ̀. Bí ọmọ bá kọ̀ ọ́ nítorí pé kò dùn tó, ẹ lè lo adùn ẹ̀pà tí aládùúgbò yín fẹ́ràn: ẹ mú ìdá mẹ́ta sóyà àti ìdá kan ẹ̀pà, ẹ rẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ sì se é fún ìṣẹ́jú 20 náà. Pẹ̀lú lítà 1.6, ife rẹ̀ á ṣì ní nǹkan bíi giráàmù 7 àbọ̀, sóyà inú rẹ̀ á sì gbé láísíìnì wá fún ẹ̀pà àti fún ògì tí yóò bá a lọ.